Oṣù Mẹ́fà Tí Òfin Kò Kà

Bí àbàwọ́n bá wà lára aṣọ, Ìyá Afọṣọ yóò sọ ohun tó bí i fún ọ, yóò sì sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Á gbé aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, á fi èékánná ha á díẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á ní: “Ẹ̀jẹ̀ nìyí, ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má fi omi gbígbóná kàn án o!” Ọdún méjìlélógún ló fi fọ aṣọ ilé ìwòsàn kí ó tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kò sì sí ohun tí ara ènìyàn lè dà sórí aṣọ tí ojú rẹ̀ kò tíì rí.

Ilé ìwòsàn yẹn ló ti pàdé ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ló ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá, ó tú ẹ̀rọ kan palẹ̀, ó tò ó padà, nọ́ọ̀tì kan sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

“Nọ́ọ̀tì yẹn ńkọ́?” ni obìnrin náà bi í.

“Wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn ni,” ni ọkùnrin náà dáhùn.

“Kò sí ẹni tó ń fi nọ́ọ̀tì ta èèyàn lọ́rẹ. Ẹ tú u.”

Ó tú u. Ẹ̀rọ ì bá jó ní ọjọ́ náà bí kò bá tú u. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà ti ń pè é ní Ọ̀gá Àbàwọ́n, ó sì pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi fẹ́ ẹ, títí ó fi bá a gbé ọdún mọ́kàndínlógún. Wọn kò bímọ. Wọ́n bá fi ara wọn ṣe ọmọ, wọ́n sì ń tọ́jú owó jọ bí ẹni tó fẹ́ rán ọmọ lọ sí ilé ìwé gíga. Ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ ni ọmọ náà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ìwé ẹ̀rí dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé ilé-iṣẹ́ wọn ti di ilé-iṣẹ́ lábẹ́ òfin. Ọkọ rẹ̀ ra férémù, ó fi í sínú rẹ̀, ó kàn án mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n háyà. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tíì ní nǹkan kan nínú ju férémù yẹn lọ. Nígbà tí oṣù náà parí, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà kan sára ògiri, níbi tí ẹ̀rọ yóò dúró sí.

“Kí nìyẹn?”

“Oṣù kan ọmọ wa.”

Ní oṣù kẹrin, ó yá owó ní báńkì, ó ra ẹ̀rọ ńlá kan tó lè gba aṣọ ibùsùn ogójì lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n rà á. Ó fa ìlà kejì. Ní oṣù karùn-ún, ó bá àwọn onípọ́ńpù jà, ó bẹ̀ wọ́n, ó tún bá wọn jà, títí omi fi wọlé. Ìlà kẹta. Ní oṣù kẹfà, ó kun ògiri lọ́dà, ó fi ìlà ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ láìkùn ún, ó sì fa ìkẹrin. Láàárín oṣù keje, ó gun àkàbà láti so gílóòbù kan mọ́ òkè, ó ní àyà ń dun òun díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó. Kò dìde mọ́.

Ìyá Afọṣọ kò fa ìlà oṣù keje títí di ìparí oṣù kẹjọ. Ó wá fa méjèèjì pọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí ó ń pè ní Eyínafẹ́ nítorí èjí tó wà lẹ́nu rẹ̀, fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní: “Ìyàwó wa, o lè sunkún nínú ilé, o sì lè sunkún níbi tí owó ti ń wọlé. Èwo lo fẹ́?” Ó ṣí ilẹ̀kùn. Hòtẹ́ẹ̀lì kan kó aṣọ ibùsùn wá ní ọ̀sẹ̀ náà. Ilé ìwé méjì tí àwọn ọmọ ń gbé inú wọn tẹ̀ lé e. Eyínafẹ́ ń lọ aṣọ, òun ń fọ̀. Iṣẹ́ pọ̀. Kí a má parọ́, iṣẹ́ ló gbà á là.

Nígbà tí oṣù kejìlá parí, ó fa ìlà kẹwàá. Ọkọ rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ pé òpin oṣù kejìlá ni wọn yóò máa ti ìwé owó. Nítorí náà ó mọ̀ pé ọdún kìíní ilé-iṣẹ́ náà kò pé ọdún. Ó ka ìlà ara ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́wàá.

Ó jókòó ti fọ́ọ̀mù owó orí ilé-iṣẹ́, ó kà á bí ẹni tó ń ka àbàwọ́n. Fọ́ọ̀mù náà sọ pé bí ìgbà ìṣirò kò bá pé oṣù méjìlá, kí a pín ohun gbogbo tí òfin fi ìwọ̀n ọdún kan dá. Ó yé e. Òfin gbà kí wọ́n yọ ìdámẹ́rin owó ẹ̀rọ kúrò nínú èrè lọ́dún, nítorí pé ẹ̀rọ ń gbó: ẹgbẹ̀rún méjìlá fún ọdún, ẹgbẹ̀rún kan fún oṣù kan. Oṣù mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Èrè kí a tó yọ ọ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ku mẹ́rìnlélógún. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí èrè rẹ̀ kò bá kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta lọ́dún yóò san ìdámẹ́wàá péré. Èyí tó bá kọjá rẹ̀ yóò san ìdámẹ́rin gbogbo èrè náà. Ó pín ọgọ́ta sí méjìlá, ó fi mẹ́wàá lọ́po rẹ̀: àádọ́ta. Mẹ́rìnlélógún kò dé ibẹ̀ rárá. Ìdámẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún méjì àti irínwó. Ó ti kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta pamọ́ fún un. Gbogbo owó yòókù ti lọ sọ́dọ̀ báńkì láti dín gbèsè ẹ̀rọ kù. Ó kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bírò aláwọ̀ dúdú, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ìṣirò náà pé. Kò sí ibi kan tí a lè gún un. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ṣì.

*

Akáǹtáǹtì tó máa ń yẹ ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò wò ń gbé ọ́fíìsì rẹ̀ ní òkè ilé ìtajà gílóòbù. Bàbá Rúlà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò lè fa ìlà láìsí rúlà. Àwọn kan tilẹ̀ ní rúlà ló fi ń gé búrẹ́dì. Ìyá Afọṣọ gun àtẹ̀gùn lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àkókò fọ́ọ̀mù parí.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá.”

“Káàárọ̀, Ìyá Afọṣọ. Ẹ jókòó. Kì í ṣe lórí àga yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti fẹ̀yìn tì.”

Ó jókòó sórí èkejì. “Ìdámẹ́wàá ni mo mú wá.”

“Ti ìjọba àbí ti ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Ti ìjọba ni o.”

“Ó dára. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ́ wò.”

Ó gba ìwé náà. Ó fi rúlà sábẹ́ ìlà kìíní, ó kà á, ó sún rúlà sísàlẹ̀, ó kà á. Orí rẹ̀ ń mì pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. “Èyí dára. Èyí dára gan-an. Ta ló kọ́ yín?”

“Ojú ara mi ni.”

“Ẹ wò ó, ká ní ọmọọṣẹ́ mi ni yín, ǹ bá…” Rúlà dúró. “Oṣù mẹ́wàá?”

“Láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ìgbà wo lẹ ṣí ilẹ̀kùn?”

“Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí…”

“Mo ti gbọ́ ti ìwé ẹ̀rí. Ìyá, ẹni tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé ìwé, ṣé ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́? Ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí jáde, ilé-iṣẹ́ wà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò tíì ṣòwò. Ọjọ́ tí òwò bẹ̀rẹ̀ ni owó orí ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù. Oṣù kẹsàn-án, ìkẹwàá, ìkọkànlá, ìkejìlá.” Ó fi rúlà kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹrin. “Mẹ́rin.”

Obìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ bíi pé rúlà náà ló fi nà án.

“Ẹ̀rọ tí a rà ní oṣù kẹrin ńkọ́? Owó ilé tí a san láti oṣù kẹta? Ṣé wọ́n ti ṣòfò ni?”

“Rárá, rárá. Òfin kò burú tó bẹ́ẹ̀. Owó ilé, owó àwọn onípọ́ńpù, ohun tí ẹ bá ná láti múra sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ wọlé. A ò sì ní pín in. Ohun tí ẹ ná ni ẹ ná. Ohun tí òfin fúnra rẹ̀ dá fún ọdún kan nìkan là ń pín. Ẹ̀rọ náà wọlé. Òfin kàn máa kà á sí pé ní ọjọ́ tí òwò bẹ̀rẹ̀ lẹ rà á, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án.”

“Bàbá, ọkọ mi ló rà á.”

“Mo mọ̀.”

“Òun ló fọwọ́ sí i. Oṣù kẹrin ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ó ti lé ní ogójì ọjọ́ tó ti wà nínú ilẹ̀. Báwo ló ṣe rà á?”

Bàbá Rúlà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Ogójì ọdún ló ti fi ń ṣàlàyé òfin yẹn, kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè yìí rí.

“Òfin kò mọ ẹni tó kú,” ló sọ nígbà tó yá. “Ó mọ ọjọ́ nìkan.”

Ó mú ìwé funfun kan, ó fi rúlà fa ìlà, ó sì tún ìṣirò náà ṣe níwájú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fún gbígbó ẹ̀rọ. Èrè di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ààlà ọgọ́ta ti ọdún kan di ìdámẹ́ta rẹ̀: ogún. Ọgbọ̀n kọjá ogún. Ìdámẹ́rin gbogbo rẹ̀, ẹgbẹ̀rún méje àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

“Ìyókù owó ẹ̀rọ kò sọnù o,” ni ó yára fi kún un. “Mẹ́rìnlélógójì ṣì wà nílẹ̀, ẹ ó máa yọ nínú rẹ̀ láwọn ọdún tó ń bọ̀.”

Kò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Iye owó náà bà á lẹ́rù, òótọ́ ni, nítorí pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló ní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló gbà á lọ́kàn. Ìlà ṣọ́ọ̀kì mẹ́wàá ló ń wò lọ́kàn. Mẹ́fà tí òfin pa rẹ́ yìí, mẹ́rin nínú wọn ni ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, méjì sì ni oṣù tí òun kò lè dìde nílẹ̀. Èyí tó kù, tí òfin rí, òun nìkan ló wà nínú rẹ̀. Nínú ìwé ìjọba, ọkùnrin yẹn kò ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀bù tó pa á.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Bàbá Rúlà pè é padà.

“Ìyá. Ẹ gbọ́ ná. Ṣé kò sí iṣẹ́ kankan tí ẹ ṣe gbowó kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn? Ẹnì kan tó kó aṣọ wá, tó sanwó, tó gba rìsíìtì? Bí ó bá wà, ọjọ́ yẹn ni òwò bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wo ìwé rìsíìtì yín.”

*

“Wọn ò mọ ẹni tó kú?” Eyínafẹ́ gbé ẹ̀rọ ìlọṣọ sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo. “Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tó máa sanwó!”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo, oníbàárà wà níta.”

“Kí ó gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kun ògiri yìí. Orí àkàbà yẹn ló wà. Kí ni wọ́n rò pé ó ń ṣe níbẹ̀, ó ń já èso?”

Ìyá Afọṣọ ti kó gbogbo ìwé rìsíìtì jáde. Èyí tó ti pẹ́ jù bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kejì. Kò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí. Ó yí i sókè yí i sísàlẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ya ojú ewé àkọ́kọ́ sọnù. Wọ́n gé e dáadáa, pẹ̀lú ọ̀bẹ.

“Níbo ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń kó nǹkan sí?” ni Eyínafẹ́ bèèrè. Àwọn méjèèjì sì wo ibì kan náà.

Abẹ́ àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni alùpùpù rẹ̀ wà. Òun ló gùn kiri ìlú láti wá ilé, òun ló fi gbé férémù wálé lọ́jọ́ tó rà á. Ìyá Afọṣọ fi aṣọ ibùsùn funfun kan bò ó. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló ń ṣí aṣọ náà, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń tún un bò. Ṣùgbọ́n kò ṣí àpótí irinṣẹ́ tó wà lábẹ́ ìjókòó rí. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ara kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ló wà. Ojoojúmọ́ ni ó ń kàn án lọ́wọ́.

Eyínafẹ́ ló ṣí i. Sípánà méjì, àkísà kan, páálí tíńtín kan. Ojú ewé rìsíìtì wà nínú páálí náà, ó ká a lẹ́ẹ̀kan péré. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀ ni, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń bì:

*Nọ́ńbà: 1. Ọjọ́: kìíní oṣù kẹfà. Oníbàárà: Àkọ́kọ́. Aṣọ: kóòtù kan, àwọ̀ eérú. Àlébù: bọ́tìnì kẹta yàtọ̀. Owó: 3. A ti gbà á.*

“Ọlọ́run ò!” Eyínafẹ́ pàtẹ́wọ́. “Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà! Ìyàwó wa, ó ti ṣòwò! Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣòwò! Oṣù mélòó nìyẹn?”

“Méje.”

“Méje ju mẹ́rin lọ. Kí ló dé tí o ń sunkún? Ṣé kò ju mẹ́rin lọ ni?”

“Ó jù ú lọ,” ni Ìyá Afọṣọ sọ, ó sì ká ìwé náà padà.

*

Ní ọjọ́ kejì, òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, òtútù sì mú. Ó wọ kóòtù, ó gun àtẹ̀gùn, ó gbé rìsíìtì náà sórí tábìlì Bàbá Rúlà.

Inú bàbá náà dùn bíi ti ọmọdé. Ó fi rúlà sábẹ́ ọjọ́, ó kà á sókè. Ó mú ìwé funfun mìíràn. “Oṣù méje. Ẹgbẹ̀rún méje fún gbígbó ẹ̀rọ. Ó ku mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ààlà wa, oṣù méje lọ́nà ẹgbẹ̀rún márùn-ún, márùndínlógójì. A wà lábẹ́ rẹ̀! Ìdámẹ́wàá. Ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ìyá, ẹ ti ní i lọ́wọ́! Ẹ ó tún rí ọ̀ọ́dúnrún fi ra ọṣẹ.”

“Ó ti wà nínú rẹ̀ báyìí,” ni ó sọ, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

“Ta ni?”

“Ọkọ mi. Ó ti wà nínú ọdún náà.”

“Oṣù kan àti ààbọ̀, ó kéré tán,” ni Bàbá Rúlà sọ, ó ń kọ̀wé lọ. “Wọ́n lè béèrè ẹ̀rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Oníbàárà yìí, kí ni orúkọ rẹ̀? ‘Àkọ́kọ́’ kì í ṣe orúkọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọkọ yín láti máa kọ àlébù aṣọ sílẹ̀, àbí? Iṣẹ́ tó dára. Bọ́tìnì kẹta…”

Ó gbójú sókè. Kóòtù obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ eérú. Bọ́tìnì mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀. Mẹ́ta dúdú, ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ igi, ó sì tóbi díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Bàbá Rúlà tún wo ìwé. Ó tún rúlà rẹ̀ gbé, ó tò ó kí ó gún régé pẹ̀lú etí tábìlì. Ọkùnrin tó ń tún ìwé gbogbo ayé ṣe kò tún èyí ṣe. Ó jókòó, ó ń dúró dè é.

Òjò ń kan fèrèsé. Nísàlẹ̀, ẹnì kan ń dán gílóòbù wò, ó ń tàn, ó ń kú.

Ìyá Afọṣọ lè sọ orúkọ èyíkéyìí tó bá wù ú. Eyínafẹ́ ti fún un ní mẹ́ta kí ó tó kúrò nílé, ọ̀kan nínú wọn sì ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn, kò sí ẹni tó lè rí i bi. “Ta ló máa mọ̀?” ni Eyínafẹ́ sọ. Kò sí ẹni tó máa mọ̀, òótọ́ ni. Bàbá yìí náà kò ní sọ. Yóò kọ ohun tí òun bá pè fún un.

Ó rí ọkọ rẹ̀ lọ́kàn, bó ṣe wà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà yẹn. Omi ti dé ní alẹ́ àná rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà á jò. Kò sí aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù. “Ọ̀gá Àbàwọ́n, bọ́ kóòtù rẹ.” Obìnrin náà bọ́ ọ, ó gbọ̀n nínú òtútù, ó bú ọkọ rẹ̀. Kóòtù kan ṣoṣo ń yí nínú ẹ̀rọ tó lè gba aṣọ ibùsùn ogójì, bí ọmọ tó sọnù nínú pápá. Nígbà tó jáde, ó mọ́. Ọkọ rẹ̀ jókòó, ó kọ rìsíìtì bí ẹni ń kọ ìwé àdéhùn. “Owó mẹ́ta,” ló sọ. Òun ní: “Mi ò ní owó lọ́wọ́, olè.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, ó kó ẹyọ owó mẹ́ta jáde, ó jẹ́ kí wọ́n bọ́ sínú agolo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òun lè gbọ́ ìró wọn. “Kí agolo má bàa ṣófo,” ló wí.

“Èmi ni,” ni Ìyá Afọṣọ sọ. “Ẹ̀rọ ló ń dán wò. Èmi kò sanwó. Òun ló mú un láti inú àpò ara rẹ̀.”

Bàbá Rúlà mí kanlẹ̀. “Ilẹ̀kùn kò tíì ṣí?”

“Kò tíì ṣí. Kò sí ẹlòmíràn.”

“Nígbà náà…”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ẹni tó dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò, tó fi owó ara rẹ̀ san án fún ara rẹ̀, kò ṣòwò. Ó ṣeré ni.” Ó na ọwọ́. “Ẹ fún mi ní ìwé mi.”

Bàbá Rúlà kò dá a padà kíákíá. “Ìyá Afọṣọ, ó lè jẹ́ pé ẹ ti gbàgbé. Ọdún kan ti kọjá. Ọ̀fọ̀ máa ń da èèyàn lọ́kàn rú.”

“Mi ò gbàgbé.” Ojú rẹ̀ ti kún. “Bí mo bá sọ pé ẹlòmíràn ni, mo ti yọ ara mi kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn á di ti ẹni tí mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìjọba gba oṣù wọn. Kí wọ́n fi kóòtù mi sílẹ̀ fún mi.”

Bàbá náà ká rìsíìtì náà síbi tí ó ti ká tẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Ó fa fọ́ọ̀mù náà sún mọ́ ara rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ọjọ́ tí òwò bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iye oṣù, ó kọ mẹ́rin. Ó yí fọ́ọ̀mù náà sí i, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí yóò fọwọ́ sí. Obìnrin náà fọwọ́ sí i. Bàbá Rúlà kò gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun yóò gbà á lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí ọdún bá pé oṣù méjìlá.

*

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló kù tí yóò wá. Iye tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní òpópónà kejì fẹ́ san lórí alùpùpù náà gan-an nìyẹn, ó sì ti ń bèèrè rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú.

Ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Ó jẹ́ ọmọlúàbí ènìyàn. Kò ná an sí i, kò fẹsẹ̀ gbá táyà. Ìyá Afọṣọ ṣí aṣọ funfun kúrò lórí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ká a. Alùpùpù náà kọ́kọ́ kọ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ó ń bínú,” ni Eyínafẹ́ sọ láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì já lójijì.

Lẹ́yìn náà alùpùpù náà dáhùn, ó kọjá ẹnu ọ̀nà, ó yà ní ìkòríta. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n san owó orí náà. Ẹni tó gbà á lórí káńtà fún wọn ní rìsíìtì tí ẹ̀rọ kọ, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n padà dé, Eyínafẹ́ mú ìgbálẹ̀ lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ibi tó ṣófo náà. Òróró alùpùpù náà ti jò sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún kan wá, àmì dúdú kan tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ó dojú ìgbálẹ̀ kọ ọ́, kò lọ. Ó da omi sí i, kò lọ.

“Ìyàwó wa! Ọ̀gá Àbàwọ́n! Kí ni wọ́n ń fi sí òróró?”

Ìyá Afọṣọ wá síbẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná ha á díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n ń fi sí i. Eérú ni, kí a jẹ́ kó mu ún mọ́jú, kí a wá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná tẹ̀ lé e. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwòsàn nìyẹn.

“Mi ò mọ̀,” ló sọ. “Ẹ fi í sílẹ̀.”

Eyínafẹ́ wò ó. Ó gbé ìgbálẹ̀ tì sára ògiri, ó sì lọ gbé ẹ̀rọ ìlọṣọ kaná.